Omi kò gòkè mọ́, owó ilé sì ti fẹ́ pé: lẹ́tà wo ni kí n kọ sí Bàbá onílé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé ní Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́, yàrá méjì àti pálọ̀, ₦420,000 lọ́dún. Ògiri ilé ìdáná mi bẹ̀rẹ̀ sí í rin ní ìparí oṣù kejì, ni wọ́n bá ti kọ́ọ̀kì tó ń gbé omi wá sọ́dọ̀ mi pa. Látìgbà náà, omi mẹ́ruwà ni mò ń rà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún Bàbá onílé, "mo ń bọ̀ wá wò ó" ni wọ́n máa ń sọ. Owó ilé mi máa pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà kí wọ́n bá mi dín in kù, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ká má kọ nǹkan kan, ká kàn yọ owó omi kúrò ká san ìyókù. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún un pé kó má yọ kọ́bọ̀. Mo ti ṣe ajẹ́ńtì ilé pẹ́ ní Àkúrẹ́ yìí, n kò tíì rí ìwé àdéhùn kan tó ní ayálégbé lè fúnra rẹ̀ gé owó ilé. Ọjọ́ tí o bá gbé owó tí kò pé fún Bàbá, ọ̀rọ̀ páìpù ti kú nìyẹn, ọ̀rọ̀ gbèsè ló kù nílẹ̀. Onílé tí kò ráyè pe púlọ́ńbà yóò ráyè pe lọ́yà. Ìdínkù owó ilé, ẹ̀bẹ̀ ni títí onílé yóò fi gbà, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí o tó mú bírò, yọ ìwé àdéhùn rẹ jáde, kí o wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni pé onílé ló ni òrùlé, ògiri àti páìpù tó wà nínú ògiri, ayálégbé ló ni àtúnṣe kéékèèké inú ilé. Bí tìrẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, kọ nọ́ńbà ìlà náà sínú lẹ́tà. Bí ìwé náà kò bá sọ nǹkan kan, má ṣe lérí òfin, nítorí òfin kò kàn gbé gbogbo àtúnṣe lé onílé lórí bí ọ̀pọ̀ ayálégbé ṣe rò. Orí ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye tó ná ọ ni kí o dúró lé.

Ohun kejì ni kí o mọ ibi tí omi ti ń jò gan-an, torí gbólóhùn tí onílé máa ń fi lé ayálégbé sẹ́yìn ni "ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́." Kò gba púlọ́ńbà láti mọ̀ ọ́n. Bá àwọn ará ilé sọ ọ́, kí ẹ mú alẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo wọn ti pọnmi tán. Kí ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ẹ̀rọ omi. Kí ọmọkùnrin tó ń tan pọ́ǹpù gun orí táńkì, kó ti igi gígùn kan bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé lára igi. Ẹ ṣí kọ́ọ̀kì tìrẹ fún wákàtí kan, gbogbo ẹ̀rọ inú ilé rẹ ní títì, tó fi mọ́ èyí tó ń gbé omi lọ sí ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó tún ti igi náà bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ti kọ́ọ̀kì pa fún wákàtí kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Bí omi bá wálẹ̀ nígbà tí kọ́ọ̀kì wà ní ṣíṣí, tí kò sì kúrò lójú kan nígbà tí ẹ tì í, páìpù tó lọ sọ́dọ̀ rẹ ló bẹ́ nínú ògiri. Bí ó bá ń wálẹ̀ nígbà méjèèjì, táńkì fúnra rẹ̀ tàbí páìpù ẹlòmíì ló ń jò. Bí omi kò bá sì wálẹ̀ rárá, tí ògiri ṣì ń rin, wo páìpù omi ìdọ̀tí tó ti abẹ́ síǹkì lọ, tàbí òrùlé bó bá jẹ́ pé òjò ló ń mú un le. Ya fọ́tò igi náà pẹ̀lú àmì rẹ̀, sì kọ aago sílẹ̀.

Wàyí o, iye owó. Ibí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń bàjẹ́. Ayálégbé á kàn sọ pé kí wọ́n gé owó ilé sí ìdajì, onílé á bi í pé báwo ló ṣe dé ìdajì, kò ní lè sọ. Ìnáwó tìrẹ ni kí o kà. O kò sọ iye tí ò ń ra omi fún mi, ẹ jẹ́ ká mú kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lóòjọ́, ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦600. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta dé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ 184. Ká ní ẹ rin ìrìn àjò fún ọjọ́ 14, tí ẹ kò ra omi: yọ ọ́, ó ku 170. Ọjọ́ 170 lọ́nà ₦600 jẹ́ ₦102,000.

Má tíì kọ iye yẹn o. Ṣé o ṣì ń dá owó iná pọ́ǹpù pẹ̀lú àwọn ará ilé? Bí ó bá jẹ́ ₦2,000 lóṣù, tí o sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti oṣù kẹta, ₦12,000 ni o kò ná. Yọ ọ́ fúnra rẹ kí Bàbá tó yọ ọ́ fún ọ. Ó ku ₦90,000. Onílé tó bá rí i pé o yọ ohun tó yẹ kí o yọ, ìjà rẹ̀ ti dín kù kó tó ka ìlà kejì. Má sì fi "ìyà tó jẹ mí" kún un. Ìyà kò ní rìsíìtì. Bí wáṣà ìgbọ̀nsẹ̀ bá bàjẹ́ tí o pààrọ̀ rẹ̀, tìẹ ni, má gbé e wọ inú lẹ́tà.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Fi iye tìrẹ rọ́pò tèmi:

> Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, (nọ́ńbà ilé àti òpópónà),
> Òkè-Àró, Àkúrẹ́.
> Ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án.
>
> Sí Alàgbà (orúkọ onílé),
> (àdírẹ́sì wọn).
>
> Alàgbà,
>
> ÀTÚNṢE PÁÌPÙ OMI ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌDÍNKÙ OWÓ ILÉ
>
> Ẹ kú àbójútó wa, sà. Èmi ni ayálégbé yín ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo san owó ilé ọdún yìí pé, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.
>
> Páìpù tó ń gbé omi wá sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ mi bẹ́ nínú ògiri ní ìparí oṣù kejì. A ti kọ́ọ̀kì rẹ̀ pa kí ògiri má baà bàjẹ́ sí i. Mo fi tó yín létí ní oṣù kẹta, oṣù karùn-ún àti oṣù keje. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, èmi àti àwọn ará ilé wọn omi inú táńkì: ó wálẹ̀ nígbà tí kọ́ọ̀kì mi wà ní ṣíṣí, kò wálẹ̀ nígbà tí a tì í. Fọ́tò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.
>
> Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta dé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, mo ra omi fún ọjọ́ 170, ₦600 lóòjọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦102,000. Mo yọ ₦12,000 owó iná pọ́ǹpù tí n kò dá ní oṣù mẹ́fà náà. Ó ku ₦90,000.
>
> Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ẹ jọ̀wọ́ rán púlọ́ńbà wá láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ẹ gba lẹ́tà yìí. Ìkejì, kí ẹ yọ ₦90,000 náà kúrò nínú owó ilé tí yóò pé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, kí n lè san ₦330,000, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé owó ọdún náà ti pé.
>
> Mo ṣe tán láti wá rí yín ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (ìbuwọ́lùwé àti orúkọ)

Kíyè sí gbólóhùn "pé owó ọdún náà ti pé." Mo ti rí onílé tó fi ẹnu gbà, tó kọ ₦330,000 sínú rìsíìtì láìsọ nǹkan míì. Nígbà tí ó bá kú tí àwọn ọmọ bá gba ilé, gbèsè ₦90,000 ni wọ́n máa rí nínú ìwé.

Ẹ̀dà méjì ni kí o tẹ̀. Fúnra rẹ ni kí o mú un lọ, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, kí o kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ kí o tó na ìwé. Lẹ́tà tó dédé bá àgbàlagbà nílé bí ìwé kóòtù, ìbínú ló máa ń bí. Kí Bàbá buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Bí wọn kò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, má bá wọn fà á. Ya fọ́tò lẹ́tà náà, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e pé èyí ni mo mú wá lónìí, sà.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mo mú un lọ. Bàbá ní àwọn kò lówó púlọ́ńbà báyìí, pé kí n tún un ṣe kí n yọ ọ́ nínú owó ilé. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ₦90,000. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Gbà á, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ̀nyẹn, má jẹ́ kí ọ̀kan gbé èkejì mì. Owó àtúnṣe jẹ́ owó tí o yá Bàbá, ₦90,000 jẹ́ ohun tí o ti ná kọjá. Kí o tó pe ẹnikẹ́ni, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn: "Bàbá, ẹ ní kí n tún páìpù ṣe kí n yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé oṣù kẹwàá. Púlọ́ńbà méjì máa wá wò ó, màá fi iye tí wọ́n bá pè ránṣẹ́ kí ẹ yan ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ₦90,000 inú lẹ́tà mi ṣì wà nílẹ̀, sà." Má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ògiri kí Bàbá tó dáhùn.

Ní ti ₦90,000, bí wọ́n bá ní kó di ₦60,000, mo rò pé kí o mú un. Bí wọ́n bá sì kọ̀ jálẹ̀, yọ owó àtúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan, kí o san ìyókù pé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, kí o fi ìwé kékeré kan tẹ̀ lé e pé o ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ti omi. Gba páìpù tó bẹ́ náà lọ́wọ́ púlọ́ńbà nígbà tó bá yọ ọ́ kúrò nínú ògiri, kí o tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì.