Mẹ́sẹ́ẹ̀jì pé wọ́n fẹ́ blọ́ọ̀kì láìnì yín nítorí NIN: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni

Ẹ ti rí i rí, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, fóònù dún, wọ́n ní láìnì yín máa kú láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún nítorí NIN, kẹ́ ẹ yáa tẹ líǹkì kan. Ẹ má tẹ ẹ́ o. Òótọ́ ni pé wọ́n ń blọ́ọ̀kì láìnì, oṣù December 2020 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti ní kí gbogbo wa so NIN mọ́ síìmù, nígbà tó di April 2022 àwọn tí ò tíì so ó ò lè pe èèyàn mọ́, wọ́n sì wá fi September 14, 2024 ṣe gbèdéke ìkẹyìn. Òótọ́ yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń lò láti dẹ́rù bani. Orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ rí lókè mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà ò tó ẹ̀rí, wọ́n lè ṣe ayédèrú ẹ̀.

Nítorí náà ẹ pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn tì ná, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wádìí. Orí síìmù tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni kẹ́ ẹ ti tẹ èyí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kó jẹ́:

```
*996#
```

Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ bóyá wọ́n ti so NIN yín. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé nọ́ńbà mọ́kànlá tó jẹ́ NIN yẹn, ẹ tẹ *346# lórí láìnì tẹ́ ẹ fún NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ ya fọ́tò, wọ́n á yọ owó díẹ̀ nínú kírẹ́díìtì yín. Tí ohun tẹ́ ẹ rí ò bá yé yín, ẹ pe 300, òun náà ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò fún kọ́sítómà kíà.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé. Kí wọ́n gba NIN yín yàtọ̀ sí kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kó bára mu. Ẹ lè ti fi NIN sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kí wọ́n ṣì blọ́ọ̀kì yín, torí wọ́n máa fi orúkọ tó wà lọ́dọ̀ NIMC wé èyí tẹ́ ẹ fi rẹ́jísítà síìmù, wọ́n á wo ọjọ́ ìbí pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ra síìmù ẹ̀ nígbà tó ṣì ń jẹ́ Àjàyí, ó wá lọ́kọ, ó di Ọládélé, orúkọ ọkọ ló fi gba NIN. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ìyàwó ilé ni, orúkọ méjì ló rí. Tí ìyá yìí bá tún NIN yẹn fi ránṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, ibì kan náà ló máa já sí. Ohun tó máa ṣe ni kó mú ìwé NIN ẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀, kó bi wọ́n léèrè ohun tí ò bára mu gan-an, kí wọ́n sì tún orúkọ orí síìmù ṣe. Tó bá jẹ́ pé NIN lórúkọ ti ṣì, NIMC ló máa lọ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó fún àtúnṣe kankan o, ti ọjọ́ ìbí wọ́n gan-an ju ti orúkọ lọ.

Ti àwọn tó ra síìmù tí wọ́n ti rẹ́jísítà sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn létí títì tún le jù, torí orúkọ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi NIN tiẹ̀ bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni yẹn ni láìnì á máa jẹ́ tiẹ̀, tí wàhálà bá dé òun ló lè gba síìmù wẹ́lkọ́ọ̀mù bákì.

Nǹkan kan tún wà. Síìmù tẹ́ ẹ jù sí dúrọ́ọ̀, tẹ́ ò fi pè, tẹ́ ò fi ra dátà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á láìsí pé NIN ní ìṣòro kankan. Tí *996# bá ní kò síṣòro tí láìnì ò sì ṣiṣẹ́, ẹ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín léèrè ìyẹn kíákíá, torí tó bá tún pẹ́ sí i wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni báǹkì yín ṣì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun fẹ́ ṣí láìnì yín, tó wá ń béèrè OTP, BVN tàbí píìnì ATM, ẹ gé e lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ṣí láìnì yín tán, ẹ fi láìnì náà pe ẹnì kan, kí ẹni yẹn náà pè yín padà, torí nígbà míì wọ́n á ṣí ọ̀kan, ìkejì á ṣì wà ní títì. Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì wọn. Tí wọ́n bá kàn ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ pe NCC lórí 622, nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà fún wọn.