Bí mo ṣe fi Sharpe àti Sortino wo túrédà ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kàn ra Bítíkóìnì tó jókòó lé e

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Gwarinpa ló fi síkíríṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Gíráàfù ákáǹtì ni, ti túrédà kan tó ń bá wọn fi owó wọn ṣe kíríptò láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 títí ọdún fi parí, ìlà aláwọ̀ ewé kan tó ń gòkè lọ gẹrẹrẹ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ rárá. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà méjì sí, tí wọ́n fi ń wọn bóyá èrè tó wàhálà tó bá a wá: Sharpe 2.6, Sortino 4.1. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ò gùn: "Ṣé ọmọ yìí ń ṣe nǹkan kan tó ju kí n kàn ra Bítíkóìnì kí n jókòó lé e?" Ìbéèrè gidi ni o, torí 30% nínú èrè ni túrédà ń yọ.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, William Sharpe, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990, ló gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1966. O mú ìpíndọ́gba èrè ojúmọ́, o yọ iye tí owó ẹ ì bá mú wá níbi tí kò ti sí wàhálà kúrò (mo lo 5% lọ́dún, iye tí owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń yá ń mú wá lọ́dún yẹn nìyẹn, díẹ̀ ló fi lè yàtọ̀), o wá fi bí èrè yẹn ṣe ń fò sókè sódò pín in. Sortino ní tiẹ̀ ò bínú sí fífò sókè, jíjábọ́ nìkan ló fi ń pín. Kíríptò kì í ti ọjà ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ di ti ọdún pẹ̀lú gbòǹgbò 365, ìyẹn 19.1. Tí o bá rí ẹni tó lo 252 bíi ti ọjà ṣíà, iye tiẹ̀ á kéré sí i láìnídìí, ìwọ ṣáà rí i pé ohun kan náà lo lò fún àwọn méjèèjì.

Kí n tó ṣí lápútọ́ọ̀pù mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ká gbé náírà jù sẹ́yìn. Wọ́n ti ń ṣírò èrè wọn pẹ̀lú iye tí àwọn mọ̀lámù Wuse Zone 4 ń ra dọ́là, inú wọn sì ń dùn. Ní ọjà ìjọba gan-an, dọ́là tó wà ní bíi 900 náírà níbẹ̀rẹ̀ 2024 ti lé ní 1,500 kọ́dún tó parí. Ẹni tó kó USDT, kíríptò tí iye ẹ̀ ń dúró sí dọ́là kan, síbì kan tó lọ sùn jèrè náírà tó pọ̀ lọ́dún yẹn, kò sí túrédà kankan tó bá a ṣe é. Dọ́là la fi ṣírò gbogbo ẹ̀.

Mo wá ní kí túrédà fún wa ní fáìlì méjì: iye tó wà nínú ákáǹtì lójoojúmọ́ ní aago kan òru tiwa (aago méjìlá òru UTC, ibẹ̀ ni kíríptò ti ń pa ojúmọ́ dé), àti ọjọ́ tí owó wọlé tàbí jáde. Ohun tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni àkọsílẹ̀ àwọn òwò tó ti pa dé, pé gbogbo nǹkan wà nínú ẹ̀. Rárá o, kò sí nínú ẹ̀, màá dé ibẹ̀.

Nínú àwọn àṣìṣe tí mo rí, ti owó tó wọlé ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀gbọ́n fi 2,000 dọ́là kún owó tó wà ní bíi 8,000, gíráàfù wá fò sókè 25% lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì kà á mọ́ èrè. Sharpe ṣì lè fura díẹ̀ torí ó rí i pé nǹkan fò, ṣùgbọ́n Sortino ò fura rárá, èrè ọ̀fẹ́ ni lójú tiẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ ò ju pé kéèyàn yọ owó tó wọlé kúrò nínú ti ọjọ́ náà kó tó fi ti àná pín in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni oṣù kẹjọ. Ẹ rántí August 5, 2024, ọjọ́ tí ọjà gbogbo àgbáyé wó tí Bítíkóìnì fi bọ́ sábẹ́ 50,000 dọ́là fúngbà díẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ túrédà, ọ̀sẹ̀ yẹn dára gan-an: òwò kan pa dé ní August 8, èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7%. Mo wá tú òwò náà wò. Ó ra ní bíi 61,000, nígbà tó já wálẹ̀ dé 58,000 ní August 4 ó tún ra iye kan náà lé e, owó yíyá ló fi ṣe ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó wá tà á ní 61,500. Ká pe ákáǹtì ní 10,000 dọ́là: 10,000 lọ sí ti àkọ́kọ́, 10,000 mìíràn sí ti èkejì, Bítíkóìnì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á jẹ́ bíi 0.336. Lálẹ́ August 4 ákáǹtì ti di 9,508. Nígbà tí ojúmọ́ August 5 pa dé ní bíi 54,000, Bítíkóìnì yẹn ò ju 18,162 lọ, ó sì jẹ gbèsè 10,000, ákáǹtì kù 8,162. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn gbé 14.2% lọ. Ká ní lójú 49,000 ni ẹni tó yá a lówó ti fipá bá a ti òwò náà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta owó ẹ̀gbọ́n ló máa lọ.

Gbogbo èyí ò sí nínú gíráàfù, torí òwò tó ti pa dé nìkan ni gíráàfù yẹn mọ̀. Láti 10,000 ó fo lọ sí 10,685 bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín. Bítíkóìnì tí èèyàn jókòó lé ò lè sá báyìí, gbogbo òru ni iye ẹ̀ ń hàn, o wá ń fi ẹni tó ń gbé ojú bo àdánù wé ẹni tí ojú ẹ̀ wà níta. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́wọ́ túrédà èyíkéyìí, pàápàá èyí tó máa ń rà kún un nígbà tó ń já. Àmì ẹ̀ ni pé ọjọ́ tí èrè jẹ́ òdo pọ̀ rẹpẹtẹ nínú fáìlì ẹ̀, tí àdánù ò sì wọ́pọ̀, nígbà tí o mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí kì í kúrò nínú ọjà. Mo fi iye Bítíkóìnì ní aago kan òru ṣe ìṣirò gbogbo òwò tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àṣekára ni, àmọ́ láìṣe é kò sóhun tí o fẹ́ wọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn mo wo bó ṣe dé 4.1 ẹ̀. Nínú ìṣirò tiẹ̀, ó kó ọjọ́ àdánù nìkan jọ, ó wá ń wò ó bí wọ́n ṣe jìnnà sí ara wọn, `r[r<0].std()`. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ o. Ẹ mú ọjọ́ márùn-ún: +2%, −1%, +3%, −2%, +3%. Ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 1%. Sharpe ojúmọ́ á jẹ́ bíi 0.43. Fún Sortino, àdánù kọ̀ọ̀kan la máa sọ di onílọ́po ara ẹ̀, 1 àti 4, márùn-ún lápapọ̀, ká fi ọjọ́ márààrún pín in, kì í ṣe ọjọ́ àdánù méjì, ó di 1, gbòǹgbò ẹ̀ 1, Sortino 1. Ti túrédà á fún ọ ní 1.41. Ẹ wá wò ó, ká ní −2% àti −2% ni àdánù méjèèjì, tí wọ́n bá dọ́gba pátápátá, bí wọ́n ṣe jìnnà síra á di òdo, Sortino á sì lọ sókè láìlópin, nígbà tó jẹ́ pé owó tó pàdánù ti pọ̀ sí i! Ẹni tó bá ń pa òwò ẹ̀ dé nígbà tí àdánù bá dé 1% geere, ìṣirò yẹn á máa yìn ín lọ ni.

Ohun tí mo lò nìyí, `eq` ni iye ákáǹtì lóròòru, `flow` ni owó tó wọlé, tó bá jáde ẹ fi àmì ìyọkúrò sí i, ọjọ́ tí owó ò wọlé tí ò sì jáde, ẹ kọ òdo:

```python
r = ((eq - flow) / eq.shift(1) - 1).dropna()
x = r - 0.05/365
dd = (x.clip(upper=0)**2).mean()**0.5
sharpe  = x.mean() / x.std() * 365**0.5
sortino = x.mean() / dd * 365**0.5
```

Mo fi ìlà márùn-ún kan náà ṣe ti Bítíkóìnì. Èrè túrédà ní dọ́là jẹ́ 40%, Sharpe bọ́ láti 2.6 sí 1.1, Sortino láti 4.1 sí 1.6. Tí a bá yọ 30% tiẹ̀ kúrò, 28% ló kan ẹ̀gbọ́n, Sharpe ò ju 0.8 lọ. Ẹni tó ra Bítíkóìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ní bíi 42,000 tó sì jókòó dé bíi 93,000, Sharpe tiẹ̀ lé ní 1.5, Sortino ẹ̀ lé ní 2.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ti Bítíkóìnì ń dẹ́rù bani jù, ọkàn mi ò gbà á." Òótọ́ ni, ó ń fò ju ti túrédà lọ, bíi 53% lọ́dún sí 30%. Àmọ́ ohun tí Sharpe wà fún gan-an nìyẹn: tí o bá dín iye tí o rà kù, èrè á dín kù, fífò á dín kù, Sharpe á dúró síbi tó wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bíi 57% owó yín ra Bítíkóìnì, kí ìyókù wà ní dọ́là. Bó ṣe ń fò á dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ yẹn, ẹ ò ní sanwó fún ẹnikẹ́ni." Lọ́dún yẹn ìyẹn ì bá mú lé ní 60% wá. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un sọ kí ìyàwó wọn gbọ́.

Mi ò sọ fún wọn pé túrédà ò mọ nǹkan kan o. Ọdún kan ṣoṣo ni fáìlì yìí, àṣìṣe tó wà lára Sharpe ọdún kan sì máa ń tó 1 sókè tàbí 1 sódò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1.1 tiẹ̀ àti ti Bítíkóìnì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oríire lásán. Ọdún tó sì dára fún Bítíkóìnì ni. Ká ní 2022 la fi wé e, tó já bíi 65%, Sharpe ẹni tó jókòó lé e á wà lábẹ́ òdo, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà yìí ti ń ṣe wèrè: tí èrè bá ti jẹ́ àdánù, ẹni tó ń fò jù nínú àwọn tó pàdánù iye kan náà ló máa dà bíi pé ó sàn jù. Nírú ọdún bẹ́ẹ̀, ibi tí ákáǹtì jìn sí jù láti orí òkè ẹ̀ ni mo máa wò.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì gba owó wọn padà. Wọ́n ní kí túrédà fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ API tó kàn lè wòran, tí ò lè fi ọwọ́ kan owó, kí n máa fà iye ákáǹtì fúnra mi ní aago kan òru. Wọ́n tún ní tí kò bá fún wọn kóṣù tó parí, àwọn máa kó owó àwọn kúrò.