Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá fi mátíríìsì wá fọ́múlà Fibonacci

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lórí iṣẹ́ yìí, èyí tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tó ń mú odindi nọ́ńbà jáde. Bí 1.618 bá yọjú níbi tó yẹ kí 1 wà, ojú ẹni á là kíá. Ṣùgbọ́n bí èsì bá jẹ́ 1, 3, 4, 7, 11, tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àròpọ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀, ta ni yóò fura?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to iṣẹ́ náà kalẹ̀. Fibonacci bẹ̀rẹ̀ báyìí: F₀ jẹ́ 0, F₁ jẹ́ 1, èyí tó bá sì tẹ̀ lé e jẹ́ àròpọ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀. Mátíríìsì tó ń ṣe àròpọ̀ yìí fún wa nìyí:

```
A = | 1  1 |
    | 1  0 |
```

Bí a bá fi A sọ (F₁, F₀), ìyẹn (1, 0), di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ n, ohun tó jáde ni (Fₙ₊₁, Fₙ). Ẹ wò ó dáadáa: Fₙ ló wà nísàlẹ̀, òkè kọ́. Ẹni tó bá mú ti òkè ti fi ìgbésẹ̀ kan ṣáájú ara rẹ̀, yóò sì máa bá fọ́múlà rẹ̀ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àṣìṣe kékeré nìyẹn; kò gba àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti rí iye áígẹ̀n, a yanjú ìdọ́gba λ² − λ − 1 = 0. Ó fún wa ní φ = (1 + √5)/2, tó sún mọ́ 1.618, àti ψ = (1 − √5)/2, tó sún mọ́ −0.618. Fẹ́kítọ̀ áígẹ̀n wọn ni (φ, 1) àti (ψ, 1). A tò wọ́n sí òpó méjì inú mátíríìsì P, a fi φ àti ψ sórí dàígónà D, a sì kọ ọ́ pé Aⁿ = P Dⁿ P⁻¹. Títí débi yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣì í. Ọ̀dọ̀ P⁻¹ ni wàhálà ń gbé.

Bí a bá sọ ìlà A di òpó, A náà ni yóò ṣì jẹ́. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé bí mátíríìsì bá rí báyìí, àwọn fẹ́kítọ̀ áígẹ̀n rẹ̀ a máa dúró ní igun 90° sí ara wọn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ P⁻¹ kò ní láti ṣe ìṣirò kankan: kó sọ ìlà P di òpó, ó parí. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ní májẹ̀mú kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Gígùn fẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá sọ gígùn (φ, 1) di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó jẹ́ φ² + 1, tó sún mọ́ 3.618, ti (ψ, 1) sì sún mọ́ 1.382.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbàgbé? Ibi tó yẹ kó ti rí Fₙ, ohun tó bá níbẹ̀ ni φⁿ⁺¹ + ψⁿ⁺¹. Ẹ fi 0, 1, 2, 3, 4 sípò n, ẹ ó rí 1, 3, 4, 7, 11. √5 ti pòórá, gbogbo rẹ̀ di odindi nọ́ńbà, òfin àròpọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láìkù síbì kan. Nọ́ńbà Lucas nìyẹn, tí wọ́n fi orúkọ Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, pè. Ọmọ ìyá Fibonacci ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ la ń wá.

Ohun tó lè tú u fó ni n = 0. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ sọ P di púpọ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ pè ní P⁻¹. Bí kò bá fún yín ní 1 lórí dàígónà àti 0 níbi tó kù, ẹ dúró. Ẹni tó kàn yí ìlà di òpó yóò rí èyí:

```
| 3  1 |
| 1  2 |
```

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Dìtámínàntì P ni φ − ψ, èyí tí í ṣe √5, nítorí náà:

```
P⁻¹ = (1/√5) | 1  −ψ |
             | −1   φ |
```

Ibẹ̀ ni √5 inú fọ́múlà ti wá, ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ìlà ìsàlẹ̀ P jẹ́ (1, 1), òpó àkọ́kọ́ P⁻¹ sì jẹ́ 1/√5 àti −1/√5. Nítorí náà:

```
Fₙ = (φⁿ − ψⁿ) / √5
```

Binet ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé de Moivre ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀.

Àṣìṣe kejì tó ń fara sin ni kíkọ P⁻¹ Dⁿ P dípò P Dⁿ P⁻¹. Ìdánwò n = 0 kò lè mú un, nítorí P⁻¹P náà ń fúnni ní 1 àti 0 bó ṣe yẹ. Ẹ fi n = 1, kẹ́ ẹ wo ohun tó jáde:

```
| 1   ψ |
| −φ  0 |
```

Dàígónà rẹ̀ bá ti A mu pátápátá. Àròpọ̀ dàígónà náà jẹ́ 1, dìtámínàntì náà jẹ́ −1, bíi ti A gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi àwọn méjì yìí nìkan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò yóò sọ pé ó pé. Igun méjì yòókù ló tú àṣírí: −φ wà níbi tó yẹ kí F₁ wà. Nítorí náà, ẹ má fi n = 0 nìkan mọ; n = 1 gbọ́dọ̀ dá A fúnra rẹ̀ padà, pẹ̀lú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn kan tún máa ń ju ψⁿ nù, torí pé ó kéré. Kò burú: ψⁿ/√5 kì í tó ìdajì rí, láti n = 0 lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mú odindi nọ́ńbà tó sún mọ́ jù, ẹ má kàn gé ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdá dànù. φ³/√5 sún mọ́ 1.894. Ẹni tó gé e yóò ní 1, nígbà tí F₃ jẹ́ 2. Bí n bá jẹ́ 4, ẹ ó rí 3.065, gígé kò sì pa á lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gé e fi ń rí ìdáhùn tó tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń ṣì í lẹ́ẹ̀kejì: tí n bá jẹ́ nọ́ńbà tí 2 kò lè pín, ó ṣì.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ń yí padà. Fọ́múlà náà pé pérépéré lórí ìwé, àmọ́ √5 tí ẹ̀rọ ń lò kò pé. Ẹ gbìyànjú èyí nínú Python:

```
phi = (1 + 5**0.5) / 2
round(phi**71 / 5**0.5)
```

Yóò fún yín ní 308061521170130. F₇₁ gan-an jẹ́ 308061521170129. Ẹyọ kan péré ló fi sọnù, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan lójú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe rò pé ẹ lè fi ìṣọ́ra ṣẹ́gun rẹ̀, nítorí láti F₇₉ lọ, nọ́ńbà náà ti ju 2⁵³ lọ, ìyẹn òpin ibi tí irú nọ́ńbà oníìdá tí ẹ̀rọ ń lò níbí ti lè gba gbogbo odindi láìfo ìkankan.

Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà tó dájú, ẹ padà sọ́dọ̀ A fúnra rẹ̀. Odindi nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ A di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kẹ́ ẹ ní A², kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí A² kẹ́ ẹ ní A⁴, títí dé A⁶⁴. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nìyẹn. 100 jẹ́ 64 + 32 + 4, nítorí náà ìsọdipúpọ̀ méjì sí i ti tó láti rí A¹⁰⁰, F₁₀₀ sì jókòó nísàlẹ̀ lápá òsì rẹ̀: 354224848179261915075.