Bí Mo Ṣe Dín Títi Ìwé Oṣù Kù Láti Ọjọ́ Mọ́kànlá sí Mẹ́rin ní Ṣàgámù

Oúnjẹ adìyẹ ni ilé iṣẹ́ tí mò ń bójú tó ìwé owó rẹ̀ ní Ṣàgámù ń lọ̀. ERPNext la fi ń ṣiṣẹ́, ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó so sítóò, ọjà rírà, ọjà títà àti akáǹtì pọ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 11 la fi ń ti ìwé oṣù, ìyẹn ni pé ká kọ gbogbo owó oṣù náà tán, kí ẹnikẹ́ni má lè fi nǹkan kún un mọ́. Ìwé Oṣù Kẹsàn-án 2025 la kọ́kọ́ tì ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹrin, bí a sì ṣe ṣe é nìyí.

Kí n tó yí ohunkóhun padà, oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ ohun tí a ń fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀. Nínú ọjọ́ 11 yẹn, ìṣirò gan-an kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Ìyókù, ìdúró ni: à ń dúró de bíìlì àwọn tó tajà fún wa, à ń wá ẹni tó san owó sí bánkì láìkọ orúkọ, à ń béèrè ìdí tí àgbàdo inú ìwé fi yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti hàn sí mi pé yíyára tẹ kọ̀ǹpútà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Iṣẹ́ tó lè ṣáájú ìparí oṣù ni kó ṣáájú, bíìlì tí kò bá sì tíì dé, ká má dúró dè é mọ́.

Àgbàdo ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, torí òun ló gba owó jù. Tí ẹni tó ń tọ́jú sítóò bá ti tẹ Submit lórí Purchase Receipt, ìwé tó fi hàn pé ọjà ti wọlé, ètò náà fúnra rẹ̀ á fi owó àgbàdo náà kún ọjà inú sítóò, á sì gbé iye kan náà sínú akáǹtì tó ń jẹ́ `Stock Received But Not Billed`. Gbèsè tí a ti jẹ tí bíìlì rẹ̀ kò tíì dé nìyẹn. Ọjọ́ tí bíìlì bá dé tí a sì tẹ Purchase Invoice, owó náà á kúrò níbẹ̀, á bọ́ sí orúkọ ẹni tó ta àgbàdo fún wa. Èyí máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí a bá ti fàmì sí `Enable Perpetual Inventory` lójú ewé ilé iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kọ gbèsè àgbàdo níparí oṣù. Tẹ́lẹ̀, àwa a máa kọ ọ́, a sì ń jẹ gbèsè kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kí odítọ̀ tó rí i.

Ohun méjì ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́: ọjọ́ àti ìwọ̀n.

Ní ti ọjọ́, tírélà lè wọlé lálẹ́ ọgbọ̀njọ́, kí wọ́n tó tẹ Purchase Receipt rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù tuntun pẹ̀lú ọjọ́ kejì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àgbàdo náà láti ìdájí. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ohun tí wọ́n lọ̀ sílẹ̀, ètò náà á ní kò sí àgbàdo tó tó bẹ́ẹ̀ nínú sítóò. Ẹnìkan á wá lọ fàmì sí `Allow Negative Stock` kí iṣẹ́ má bàa dúró, láti ìgbà yẹn lọ iye tí ètò náà ń ṣírò pé báàgì oúnjẹ kan ná wa kò ní jẹ́ òótọ́ mọ́. Ẹ ṣí Stock Ledger, ẹ wo òpó `Balance Qty`: níbi tí ẹ bá ti rí àmì ìyọkúrò, àṣìṣe ọjọ́ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. A yọ àmì `Allow Negative Stock` kúrò pátápátá. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ ni pé ọ̀gá géètì kì í jẹ́ kí dírẹ́bà jáde àfi tí nọ́ńbà Purchase Receipt bá wà lára wébìlì rẹ̀. Tó bá pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fàmì sí `Edit Posting Date and Time`, kí wọ́n sì fi ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé gan-an sí i.

Ní ti ìwọ̀n, ẹni tó ń tọ́jú sítóò, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Sítóò, ló béèrè ọ̀rọ̀ tó tú gbogbo rẹ̀ fó. Ó ní, "Ẹ̀yin ará akáǹtì, ìwọ̀n wo ni kí n kọ? Ṣé èyí tí mo rí lórí ìwọ̀n ni, àbí èyí tí ẹ máa sanwó lé lórí?" Ìdáhùn wa tẹ́lẹ̀ ni pé kó kọ èyí tó rí. Ẹ wo ohun tíyẹn dá sílẹ̀. Tírélà kan gbé 30,000 kìlò wọlé, ₦420 ni kìlò kan, ó di ₦12,600,000. Àdéhùn wa pẹ̀lú ẹni tó tà á ni pé omi inú àgbàdo kò gbọdọ̀ ju 12% lọ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n la sì ń yọ fún gbogbo 1% tó bá lé. Omi eléyìí jẹ́ 14%. A yọ 600 kìlò, bíìlì wá dé fún 29,400 kìlò, ìyẹn ₦12,348,000. ₦252,000 ṣẹ́ kù sínú `Stock Received But Not Billed`, kò sì sí bíìlì kankan tó máa wá kó o kúrò láéláé. Tí tírélà mẹ́wàá bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ohun tó ń jẹ wá lọ́jọ́ gbọọrọ níparí oṣù.

Nísinsìnyí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo omi inú àgbàdo níbi ìwọ̀n ọkọ̀ kí wọ́n tó já a sílẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Màmá Sítóò á wá tẹ 29,400, á kọ 30,000 àti 14% sí ibi àlàyé. Àwọn kan bẹ̀rù pé àgbàdo ilẹ̀ á pọ̀ ju ti ìwé lọ. Fún ọjọ́ mélòó kan ni, torí omi yẹn náà ló máa gbẹ, ìwọ̀n á sì wálẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì mo ń ṣí ìròyìn tó ń jẹ́ `Received Items To Be Billed`, mo ń fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ohun tó kù nínú akáǹtì yẹn. Tí méjèèjì bá dọ́gba, mo ti parí. Tí wọn ò bá dọ́gba, tírélà ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni mo máa yẹ̀ wò.

Àwọn gbèsè kan wà tí kì í gba sítóò kọjá, àwọn wọ̀nyí la gbọ́dọ̀ fọwọ́ kọ. Owó iná ló tóbi jù nínú wọn. Bíìlì rẹ̀ kì í dé kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n mítà wà lára ògiri wa. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, onímọ̀ iná á ka mítà, á sì ya fọ́tò rẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án yẹn, yúníìtì 28,500 la lò. Mo pín àpapọ̀ owó orí bíìlì tó kọjá, owó orí ìjọba àti gbogbo rẹ̀, sí iye yúníìtì tó wà lórí rẹ̀, ó jẹ́ ₦225 fún ọ̀kan. 28,500 lọ́nà 225 jẹ́ ₦6,412,500. Bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyí, `Accrued Expenses` sì ni akáǹtì gbèsè tí a fọwọ́ kọ kí bíìlì rẹ̀ tó dé:

```
30-09-2025  Dr Electricity      6,412,500
            Cr Accrued Expenses 6,412,500
01-10-2025  Dr Accrued Expenses 6,412,500
            Cr Electricity      6,412,500
```

Ìdajì kejì yẹn, èyí tó yí ti àkọ́kọ́ padà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Lójú Journal Entry àkọ́kọ́, èyí tó ní ọjọ́ 30-09, tí ẹ bá ti tẹ Submit lórí rẹ̀ tán, ẹ ó rí `Reverse Journal Entry`. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ rí i pé ọjọ́ kìíní oṣù tuntun ló wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ Submit lórí òun náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má dúró de bíìlì. Bíìlì wa dé ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹwàá, ₦6,498,000 ló jẹ́. A ti ti ìwé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. A tẹ bíìlì náà bó ṣe wà, ₦85,500 péré ló sì fi kan Oṣù Kẹwàá. Tí ẹ kò bá yí i padà, owó iná oṣù kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé owó tó ti lé ní oṣù kan á ṣì wà nínú `Accrued Expenses`.

Owó àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé ọjà wa lọ sí Èkó la ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: iye wébìlì tí a kò tíì rí bíìlì rẹ̀, lọ́nà iye tí a bá wọn sọ fún ìrìnàjò kan. Ohunkóhun tí kò bá tó ₦100,000, a kì í kọ ọ́, oṣù tí bíìlì rẹ̀ bá dé ló ni ín. Níbi tiwa, iye yẹn kò lè yí ìpinnu ẹnikẹ́ni padà, ṣùgbọ́n wíwá a kiri lè gba ọjọ́ kan gbáko.

Bánkì wá kàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni akọ̀wé kan ń gba ìwé bánkì ọ̀sẹ̀ náà, tó ń fi Bank Reconciliation Tool so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ ti inú ìwé wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé olóko adìyẹ láti Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru lè fi akáǹtì ìyàwó rẹ̀ sanwó, orúkọ ò ní bá orúkọ mu. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tó ń tajà ṣì rántí ẹni tó gbé ogójì báàgì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ta ló fẹ́ rántí? Owó tí a kò bá mọ olówó rẹ̀ kì í dúró síta ìwé, torí ó ti wà ní bánkì. A ń gbé e sínú akáǹtì `Unidentified Receipts`, ọmọ tó ń tajà sì ní títí di ọjọ́ Rú láti wá olówó rẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ Ẹtì 26 la ṣe é kẹ́yìn lóṣù yẹn, ìlà ọjọ́ mélòó kan péré ló kù láti so nígbà tí oṣù parí.

Ìwé àyẹ̀wò wa ní ìlà 64 tẹ́lẹ̀, ó ti di 27. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹnìkan ṣoṣo, ọjọ́ àti wákàtí, àti ohun tó máa fi hàn pé iṣẹ́ ti tán. "Ṣe bánkì" kì í ṣe ìlà. Ìlà ni "ìyàtọ̀ tó wà lójú Bank Reconciliation Tool fún 30-09 jẹ́ 0". Ẹ̀yìn la ti ń ka ọjọ́ rẹ̀: owó oṣù òṣìṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kí oṣù tó parí, kíka mítà ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, kíka sítóò ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kìíní. Kàlẹ́ńdà ìlú gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà 2023 ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ní ọjọ́ ìparí oṣù gan-an, kò sì sí ẹni tó máa mú ọmọ Ìjẹ̀bú kúrò ní Òde lọ́jọ́ yẹn kó wá ka báàgì. Tí irú rẹ̀ bá ń bọ̀, a máa ń ka sítóò ṣáájú, a ó sì fi ohun tó wọlé àtohun tó jáde lẹ́yìn náà tún un ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo ń fi 30-09-2025 sí `Accounts Frozen Till Date` nínú Accounts Settings, mo sì ń fi ọjọ́ kan náà sí `Stock Frozen Upto` nínú Stock Settings. Ẹ má ṣe ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀, nítorí ohun tí ẹnìkan bá fi ọjọ́ ẹ̀yìn tẹ̀ lè yí iye oṣù tí ẹ ti ròyìn padà. Bíìlì tó bá yọjú lẹ́yìn náà, tí kò sí nínú ìṣirò wa, tí kò sì tó ₦500,000, oṣù tuntun ló ń bọ́ sí. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, màníjà owó nìkan ló lè ṣí ìwé náà padà, a sì ń kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ ìlà 27.