Iná òkè ṣáwà
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ tó ra iná balùwẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà IP ara rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe ń dènà eruku àti omi tó. Nínú IP44 tàbí IP65, nọ́ńbà ìkẹyìn ni ti omi: 4 lè fara da omi tó ń ta sí i, 5 lè fara da èyí tí họ́ọ̀sì ń tú. Mo fara mọ́ IP65 lókè ṣáwà. IP44 tó fún ẹ̀gbẹ́ dígí. Ẹ fi ti dígí sí ọ̀tún àti òsì, ní ìwọ̀n ojú, torí iná àjà nìkan máa ń ṣíji bo ojú ẹni tó ń fá irùngbọ̀n.

Ihò wáyà ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí rọ́bà ibẹ̀ kò bá fún wáyà mọ́ra, IP65 náà di òfo. Tí ẹ bá rí ìrì nínú gíláàsì rẹ̀, omi ti wọlé nìyẹn. Ẹ pa bréékà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.