Ààlà ìkìlọ̀ tó ń dún lásán nínú Google Ads

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń ta bàtà ní Ìbàdàn, tó ya ₦10,000 sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ìpolówó. Ó ní bí ìnáwó bá ti kọjá ₦12,000, kí ímeèlì wọlé. Láìpẹ́, ímeèlì ti pọ̀ débi pé kò ṣí wọn mọ́.

Ẹ má gbé ààlà síbẹ̀. Google Ads lè ná tó ìlọ́po méjì owó ojúmọ́ lọ́jọ́ tí àwọn tó ń wá ọjà bá pọ̀, kó sì ná díẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ gbà kọjá lóṣù ni owó ojúmọ́ lọ́nà 30.4, ìyẹn ₦304,000 fún oníbàtà wa. ₦17,000 lọ́jọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ìjàǹbá rárá. Ó kéré tán, kí ààlà wà ní ₦20,000. Bí ìnáwó bá kọjá ibẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí ni pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan owó ojúmọ́, bóyá tó ṣèèṣì fi òdo kan kún un.

Wọ́n sì máa ń gbàgbé ààlà ìsàlẹ̀. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù tí ìnáwó kò tíì tó ₦2,000, ó lè jẹ́ pé báńkì ló kọ káàdì, tàbí pé Google ò fọwọ́ sí ìpolówó. Ẹ yan `Same day` fún irú ìkìlọ̀ yìí. Èyí tó bá ń wo `Yesterday`, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó sọ̀rọ̀.

Ti iye ọjà tó tà ló díjú jù. Ọjọ́ tí oníbàárà tẹ ìpolówó ni Google Ads ń kọ títà sí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó wá rà á lọ́jọ́bọ̀, abẹ́ ọjọ́ Ajé la ó ti rí i. Iye àná ò tíì pé nígbà náà, ẹni tó bá sì ń fi wé ìpíndọ́gba oṣù tó kọjá á máa rò láràárọ̀ pé ọjà ti kú.

Ẹ má sì jẹ́ kí òdo ọjọ́ kan ṣoṣo dá ìkìlọ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bàtà mẹ́ta lẹ ń tà lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ọjọ́ kan nínú ogún ni kò ní tà rárá, láìsí ohun tó bàjẹ́. Kí òdo tẹ̀ lé òdo ló ṣọ̀wọ́n gan-an. Nítorí náà, ẹ so méjèèjì pọ̀: ìnáwó ti ju ₦15,000 lọ láàárín ọjọ́ méjì, títà sì jẹ́ òdo.

Bí títà bá ṣàdédé di ìlọ́po méjì tí ìnáwó ò sì yí padà, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wò ó bóyá ojú ìwé ìdúpẹ́ ń ka oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó bá tún un ṣí, kẹ́ ẹ sì fi iye náà wé owó tó wọlé sí báńkì.