Bí a ṣe ń ṣírò ìnáwó ẹ̀tọ́ ìpín ọlọ́dún mẹ́ta nígbà tí òṣìṣẹ́ ń jápa

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, ó fún òṣìṣẹ́ 80 ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ilé-iṣẹ́ náà ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí, ẹ̀tọ́ 1,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024. Ẹni tó bá lọ ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ já sófo. Owó kankan ò jáde lápò, síbẹ̀ iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀tọ́ yìí rà. Ìdí nìyẹn tí IFRS 2, ìlànà ìṣírò owó àgbáyé lórí irú ẹ̀tọ́ báyìí, fi ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìnáwó lórí òṣìṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mẹ́ta náà.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye ẹ̀tọ́ kan lọ́jọ́ tí wọ́n fún wọn. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ Black-Scholes, ọ̀nà ìṣírò tí wọ́n fi ń wá iye ẹ̀tọ́ ìpín, lò, kó bá yín ṣe é. Ká ní ó jẹ́ ₦15. Báírò pupa ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí a ò ní yí i padà mọ́. Kí ìpín náà di ìlọ́po méjì lọ́jà, kó já wálẹ̀, ₦15 náà ni. Iye èèyàn nìkan ló ń yí.

Iye èèyàn yìí gan-an ló ń da ìwé rú. Ní ìparí 2022, ẹni mẹ́rin ti lọ. Ẹni tó bá yára á yọ 4 kúrò nínú 80, á sì fi 76 ṣírò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ẹni mélòó la rò pé yóò ṣì wà ní ìparí 2024? Ẹ má bi ọ̀gá, á ní kò sẹ́ni tó máa lọ. Ẹ kó ìwé owó oṣù oṣù kejìlá ọdún mẹ́ta tó kọjá jáde, kẹ́ ẹ fi orúkọ wéra, ẹ óò rí iye tó ń jápa lọ́dọọdún. Ká ní ẹni mẹ́jọ mìíràn ló jọ pé yóò lọ. Ó ku 68.

68 × 1,000 × ₦15 jẹ́ ₦1,020,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ₦340,000, ni ìnáwó 2022. Bí ẹ̀tọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún, ẹ pín ₦1,020,000 náà sí 36, kẹ́ ẹ sì fi iye oṣù tó ti kọjá sọ ọ́ di púpọ̀.

Ní 2023, ẹni mẹ́ta tún lọ, àpapọ̀ di méje, a sì wá rò pé mẹ́ta péré ló kù tí yóò lọ. Ìyẹn jẹ́ 70. Ẹ má tún yọ mẹ́jọ àná. Àfojúsùn tuntun ti gba ipò rẹ̀.

Ẹ wá fara balẹ̀ níbí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fi 70 ṣírò ìdá kan nínú mẹ́ta, kó kọ ₦350,000. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi 2022 sílẹ̀ pẹ̀lú iye èèyàn tí kò gbà gbọ́ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: 70 × 1,000 × ₦15 × 2/3 jẹ́ ₦700,000. Ẹ yọ ₦340,000 tó ti wà nínú ìwé. Ìnáwó 2023 jẹ́ ₦360,000. Ẹ má padà lọ tún ìwé 2022 ṣe. Ọdún yìí ló gbé àtúnṣe náà.

Ní ìparí 2024, àfojúsùn ti tán, orí lẹ óò kà. Ẹni méje tún ti lọ, ó ku 66. 66 × 1,000 × ₦15 jẹ́ ₦990,000. Ẹ yọ ₦700,000, ó ku ₦290,000. Ọ̀nà àṣìṣe yẹn ì bá fún yín ní ₦340,000, ₦350,000 àti ₦330,000, àpapọ̀ ₦1,020,000, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ tó di tiwọn ò ju ₦990,000 lọ. Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ojú ìwé kan nínú ìwé àjákọ tó fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ Excel, ẹ kọ iye èèyàn sí A, nọ́ńbà ọdún, 1, 2 àti 3, sí B, kí ìlà kìíní jẹ́ àkọlé, kẹ́ ẹ fa méjèèjì yìí wálẹ̀:

```
C2: =A2*1000*15*B2/3
D2: =C2-N(C1)
```

Dẹ́bíìtì lọ sí ìnáwó lórí òṣìṣẹ́, kírẹ́díìtì lọ sí àpò ìpamọ́ lábẹ́ owó àwọn onípìn-ín. Kì í ṣe gbèsè, torí ìpín ni wọ́n máa gbà, kì í ṣe owó.

Bí D bá di òdì, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì sọ ọ́ di òdo. Ká ní 40 ló kù ní ìparí 2024, ₦600,000 ni gbogbo rẹ̀, ẹ ó dá ₦100,000 padà, ìnáwó ọdún náà á sì dín kù.

Lẹ́yìn 2024, àtúnṣe ti parí. Kódà bí ìpín bá já débi pé kò sí ìkankan nínú àwọn 66 náà tó rà á, ₦990,000 yẹn kò ní padà sínú èrè. Ẹ lè gbé e láti àpò ìpamọ́ kan sí òmíràn lábẹ́ owó onípìn-ín, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.